Ìwé Ọjà Aládìrẹ, ẹ̀dà 2.4: ohun tó yí padà

Ẹ̀dà yìí wà fún ẹ̀yin tó ń fi áàpù yìí kọ ọjà sílẹ̀ ní Ìtòkú, Kẹ́mta àti Aṣèrò. Inú ìwé iṣẹ́ wa la ti fa gbogbo rẹ̀ yọ, èyí tó parí tí a sì ti dán wò lórí fóònù olówó pọ́ọ́kú nìkan ló wọlé. Iṣẹ́ tó jẹ́ pé abẹ́ nìkan la ti tún un ṣe, tí ẹ kò ní fojú rí, a fò ó.

Ohun tuntun

- Ẹ lè kọ ẹlẹ́kọ, oníko, alábẹ́rẹ àti kàmpálà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Tẹ́lẹ̀, "adìrẹ" ni gbogbo wọn ń jẹ́, ẹ kò sì lè mọ èyí tó ń yá ní títà. (`AD-118`)
- Ẹni tó bá gbaṣọ láwìn lè máa san án díẹ̀díẹ̀ ní ọrún-ọrún tàbí ní ìtàdógún. Áàpù á rán yín létí ní àárọ̀ ọjọ́ náà. (`AD-121`)

Ohun tí a tún ṣe

- Ọjọ́ ọjà ti bọ́ sípò. Bí ọjà bá bọ́ sí Mọ́ńdè, Sátidé ni áàpù ń gbé ọjà tó kàn sí, torí ó ń fi 5 kún un. Ta ló ń ka ọrún báyẹn? Òní wà nínú ìkà wa, Fúráìdè ló yẹ kó jẹ́. Ọjọ́ 4 ló ń fi kún un báyìí fún ọrún, 16 fún ìtàdógún. Ọjọ́ tí ẹ ti kọ sílẹ̀ tẹ́lẹ̀ kò ní yí fúnra rẹ̀ o: ẹ ṣí ojú ewé oníbàárà, kí ẹ tẹ "Tún ọjọ́ kà". (`AD-109`)
- Ẹ ó rí "Ìyá Ẹ̀bùn" bí ẹ bá wá a. Fóònù kì í kọ "Ẹ̀" bákan náà: òmíràn á to àmì òkè ṣáájú, òmíràn á to ti ìsàlẹ̀ ṣáájú. Ojú wa kò rí ìyàtọ̀, áàpù ń rí i. Áàpù ti ń sọ gbogbo orúkọ di ọ̀nà ìkọ kan náà, `NFC`, kó tó wá wọn. Ẹni tó bá tẹ "Ebun" lásán náà á rí i. (`AD-97`)
- Gb ti wà lẹ́yìn G bí áàpù bá ń to orúkọ oníbàárà.

Ìṣòro tó ṣì wà

- Bí ìyá ní Ìtòkú àti ọmọ ní Aṣèrò bá ta aṣọ kan náà nígbà tí nẹ́tíwọ̀kì kò sí, títà méjèèjì ló máa dúró, iye aṣọ tó kù á sì lọ sábẹ́ òdo. A mọ̀ọ́mọ̀ fi í bẹ́ẹ̀ ni, torí kí áàpù pa owó tí ẹnì kan ti gbà rẹ́ burú ju kí iye aṣọ ṣì lọ. Fún ìsinsìnyí, ẹ jẹ́ kí fóònù kan ṣoṣo máa kọ aṣọ tó bá ku ẹyọ kan.
- Fọ́tò aṣọ tí aró rẹ̀ dúdú gan-an kì í fi iṣẹ́ ọnà rẹ̀ hàn dáadáa, torí a ń dín fọ́tò kù kó má bàa jẹ dátà yín. Ẹ̀dà tó kàn kò tíì ní yanjú èyí.
- Lórí Áńdíróìdì 8, ìlà tó gbẹ̀yìn rìsíìtì máa ń gé. Ẹ fi òfo ìlà kan sílẹ̀ lábẹ́ orúkọ ìsọ̀ yín.