Ìfọ̀rọ̀wérọ̀ Olùkọ́ Èdè Yorùbá àti Òbí Kan lórí "Ilé" àti "Ulé"

Ìfọ̀rọ̀wérọ̀ yìí wáyé ní ilé ẹ̀kọ́ girama kan ní Ìbàdàn, lẹ́yìn tí wọ́n pín èsì ìdánwò àárín táàmù fún kíláàsì kìíní. Ọ̀dọ̀ ìyá bàbá rẹ̀ ní Ìkéré-Èkìtì ni Dámilọ́lá ti dàgbà kó tó padà sọ́dọ̀ àwọn òbí rẹ̀.

ÌYÁ DÁMILỌ́LÁ: Ẹ kú iṣẹ́ o, tíṣà. Ìwé àròkọ ọmọ mi ló gbé mi wá. Mo kà á, orí mi sì gbóná, nítorí pé "ulé" ló kọ síbi tó yẹ kó kọ "ilé", "ugi" ló pe igi, ó tún kọ "mo wà lúlé". Ẹ̀rù ń bà mí pé ọmọ yìí kò ní gírámà kankan nínú, bẹ́ẹ̀ Yorùbá ni èdè tí a bí i sí.

OLÙKỌ́: Ẹ kú àbọ̀, mọ̀mọ́. Ẹ jókòó. Bí ọmọ náà kò bá ní gírámà, ohun tó kọ yóò máa yí láti ìlà kan sí èkejì, kò sì rí bẹ́ẹ̀. Ẹ bá mi wò ó: "ilé" di "ulé", "iṣu" di "usu", "igi" di "ugi". Kí ló dé tí kò kọ "ugu"?

ÌYÁ DÁMILỌ́LÁ: N kò mọ̀. Mo ṣáà rí i pé kò kọ "ugu".

OLÙKỌ́: Nítorí pé "i" tó bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀-orúkọ nìkan ni ẹ̀ka-èdè Èkìtì máa ń fi "u" pè, èyí tó wà láàárín tàbí ní ìparí ọ̀rọ̀ a dúró bó ṣe wà. Ẹ wo "rí" àti "kí" tó kọ sísàlẹ̀ níbí. Ọ̀rọ̀-ìṣe ni wọ́n, kò sì fọwọ́ kàn wọ́n. Kò sọ "ẹja" di nǹkan mìíràn, nítorí pé "ẹ" ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ìlànà ni ọmọ yìí ń tẹ̀ lé, ó sì ń tẹ̀ lé e ju bí ọ̀pọ̀ nínú wa ṣe ń tẹ̀ lé ìlànà àkọtọ́ lọ.

ÌYÁ DÁMILỌ́LÁ: "Lúlé" wá ńkọ́? Ta ló ń sọ "lúlé" ní Yorùbá gidi?

OLÙKỌ́: Ibẹ̀ gan-an ni mo fẹ́ kí a dúró sí, nítorí pé òun ló wù mí jù nínú gbogbo ìwé náà. Nínú Yorùbá tí èmi àti ẹ̀yin ń sọ, bí "ní" bá pàdé ọ̀rọ̀ tí "i" bẹ̀rẹ̀, "n" rẹ̀ a dúró: ní ilé, nílé. Bí fáwẹ̀lì mìíràn bá ló bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ náà, "n" a di "l": ní ọjà, lọ́jà, ní àárọ̀, láàárọ̀. Ẹ̀yin ń ṣe bẹ́ẹ̀ lójoojúmọ́, kò sì sí olùkọ́ kankan tó jókòó kọ́ yín. Ní ti Dámilọ́lá, "u" ló bẹ̀rẹ̀ "ulé", nítorí náà "n" gbọ́dọ̀ di "l", ó sì di "lúlé". Òfin kan náà ló mú ẹ̀yin sọ "nílé" tó sì mú òun sọ "lúlé".

ÌYÁ DÁMILỌ́LÁ: Bó bá rí bẹ́ẹ̀, kí ló dé tí ẹ fi bíírò pupa fa ìlà sí i? Ẹ̀yin náà lẹ yọ máàkì rẹ̀.

OLÙKỌ́: Bẹ́ẹ̀ ni, máa sì tún yọ ọ́, títí yóò fi mọ èyí tí wọ́n ń béèrè nínú ìdánwò. Ohun méjì ni a ń pè ní gírámà, mọ̀mọ́, a sì máa ń da wọ́n pọ̀. Ọ̀kan ni gírámà aṣàpèjúwe: ó ń fetí sí bí àwọn tó ni èdè ṣe ń sọ ọ́, ó sì ń wá ìlànà tó wà níbẹ̀. Èkejì ni gírámà aláṣẹ, tó ń sọ èyí tí a fọwọ́ sí fún ìwé kíkọ, ilé ẹ̀kọ́ àti ìdánwò Wáẹ̀kì. Èkejì yìí ni mo fi ń gba máàkì. Ó wúlò, nítorí pé òun ló jẹ́ kí ọmọ Oǹdó àti ọmọ Ọ̀yọ́ lè ka ìwé kan náà, ṣùgbọ́n àdéhùn ni. Ẹ rántí pé títí di ọdún 1972, ọwọ́ òsì ni a fi ń wa ọkọ̀ ní Nàìjíríà. Wọ́n yí i padà sí ọwọ́ ọ̀tún, ẹni tó bá wá dúró sí òsì di arúfin. Èdè kíkọ náà rí bẹ́ẹ̀. Ṣé ẹ ní Bíbélì àtijọ́ nílé?

ÌYÁ DÁMILỌ́LÁ: Ti ìyá mi wà níbẹ̀.

OLÙKỌ́: Ẹ ó rí "aiye", "nwọn" àti "enia" nínú rẹ̀. Lẹ́yìn tí ìjọba fọwọ́ sí àkọtọ́ òde òní ní 1974, "ayé", "wọ́n" àti "ènìyàn" ni a ń kọ. Ọmọ tó bá kọ "nwọn" fún mi lónìí yóò pàdánù máàkì lórí ohun tó wà nínú Bíbélì ìyá yín.

ÌYÁ DÁMILỌ́LÁ: Ṣùgbọ́n ta ló pinnu pé "ilé" ni kí a kọ, tí kì í ṣe "ulé"?

OLÙKỌ́: Ìtàn ni. Àjàyí Crowther, ọmọ Òṣogùn ní ilẹ̀ Ọ̀yọ́, ló ṣáájú iṣẹ́ Bíbélì Yorùbá tó parí ní 1884, Àgbádárìgì, Abẹ́òkúta àti Èkó sì ni àwọn míṣọ́nnárì tẹ̀dó sí níbẹ̀rẹ̀. Ìdí nìyí tí Yorùbá àjùmọ̀lò fi jọ ti Ọ̀yọ́ jù. Ká ní Ìkéré ni iṣẹ́ náà ti bẹ̀rẹ̀ ni, ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ "ilé" ni mo ń fi bíírò pupa fà. Kódà, Ìbàdàn tí a wà yìí kò bá àjùmọ̀lò mu tán. Ẹ fetí sí iye àgbàlagbà tó ń pe "iṣẹ́" ní "isẹ́".

ÌYÁ DÁMILỌ́LÁ: Bàbá mi wà lára wọn. Tíṣà, ohun kan tún wà tó ń dùn mí. Lọ́jọ́ kan, ó fi "ìwọ" bá àlejò wa sọ̀rọ̀, àgbàlagbà ni. Ojú tì mí.

OLÙKỌ́: Ní ọ̀pọ̀ ìlú ní Èkìtì, kì í ṣe "ẹ" àti "o" ni wọ́n fi ń wọn ọ̀wọ̀. Ọmọ a kúnlẹ̀, a kí àgbà dáadáa, a sì tún sọ "ìwọ" láì ní èrò àfojúdi kankan. Ṣùgbọ́n Ìbàdàn la wà, àgbàlagbà tó bá gbọ́ ọ níbí yóò kà á sí ìwọ̀sí. Nítorí náà, èyí ni kí ẹ kọ́kọ́ tètè kọ́ ọ, ju "ulé" lọ. Ẹ sọ fún un pé bí a ṣe ń bọ̀wọ̀ fúnni níbí nìyí. Ẹ má ṣe sọ fún un pé kò lẹ́kọ̀ọ́, nítorí pé irọ́ ni.

ÌYÁ DÁMILỌ́LÁ: Ṣé kò wá sí àṣìṣe kankan nínú ìwé yìí ni?

OLÙKỌ́: Ó wà. Kò fi àmì ohùn sórí ọ̀rọ̀, ó kọ "oko" níbi tó ti fẹ́ kọ "ọkọ̀", kò sì pín àròkọ náà sí ìpínrọ̀. Ìwọ̀nyí kò ní í ṣe pẹ̀lú Èkìtì, orí wọn ni mo fẹ́ kí ẹ bá mi ṣiṣẹ́. Ní ti "ulé", èmi yóò kọ́ ọ bí a ṣe ń yí i padà. Bí mo bá fi í hàn án pé "u" tirẹ̀ ń pàdé "i" tiwa ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀-orúkọ, yóò mọ ọgọ́rùn-ún ọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Bí mo bá kàn sọ fún un pé ó ń ṣàṣìṣe, ọ̀kọ̀ọ̀kan ni yóò máa há wọn sórí, yóò sì máa bẹ̀rù àtilanu sọ̀rọ̀ ní kíláàsì.

ÌYÁ DÁMILỌ́LÁ: Mo ti ní kó má ṣe fi Èkìtì bá ìyá bàbá rẹ̀ sọ̀rọ̀ lórí fóònù mọ́. Mo rò pé ìyẹn ló ń fà á sẹ́yìn.

OLÙKỌ́: Ẹ jọ̀wọ́, mọ̀mọ́, ẹ gba òfin yẹn kúrò lónìí. Kí ó béèrè ìtàn kan lọ́wọ́ ìyá àgbà lálẹ́ yìí, kí ó kọ ọ́ sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe sọ ọ́ ní Èkìtì, kí ó sì tún un kọ ní Yorùbá àjùmọ̀lò. Kí ó mú méjèèjì wá fún mi lọ́jọ́ Ajé.