Àkọsílẹ̀ àyẹ̀wò fún ìsọ̀ àdìrẹ ní Ọjà Wúsè: ohun tí ẹ ó sọ fún olùrànlọ́wọ́ nípa fèrèsé ìtàkùrọ̀sọ ìkànnì yín

Olùrànlọ́wọ́ ọlọ́gbọ́n àtọwọ́dá tí ẹ fẹ́ lò kò mọ nǹkan kan nípa ìsọ̀ yín àfi ohun tí ẹ bá kọ sínú ìtọ́ni rẹ̀. Ẹ fi àmì sí ibi tí ẹ bá ti parí.

☐ Ẹ ti sọ ibi tí ìdáhùn rẹ̀ yóò ti hàn. Ẹ kọ ọ́ pé fèrèsé kékeré ni, ní igun ìsàlẹ̀ ìkànnì, pé orí fóònù ni ọ̀pọ̀ oníbàárà yín ti ń kà á, àti pé ọ̀rọ̀ lásán ni fèrèsé náà ń gbé jáde. Bí ẹ kò bá sọ èyí, ó lè fi àmì ìràwọ̀ sí ẹ̀gbẹ́ iye owó láti mú kí ó hàn kedere, oníbàárà yóò sì rí `**₦18,000**` bí ó ṣe wà yìí gan-an. Ẹ ní kí ó má ya àtẹ, kí ìdáhùn rẹ̀ má sì ju gbólóhùn mẹ́ta lọ.

☐ Ẹ ti sọ irú ẹni tí ń kọ̀wé wọlé. Láti Kubwa títí dé Kàdúná, àwọn ènìyàn yóò fi Hausa, Píjìn, Gẹ̀ẹ́sì àti Yorùbá béèrè ọ̀rọ̀. Ẹni tí ó bá kọ `elo ni adire yin` fẹ́ mọ iye owó ni, kò sì sí ìdí fún olùrànlọ́wọ́ láti máa tún àmì ohùn rẹ̀ ṣe.

☐ Ẹ ti sọ ohun tí kò lè ṣe láti inú fèrèsé náà. Èyí ni mo kà sí pàtàkì jù lọ, nítorí pé bí kò bá mọ̀ pé òun kò lè rí ìwé ọjà yín, ó lè fi ìdánilójú sọ pé aṣọ tí ó ti tán lánàá ṣì wà nílẹ̀, ẹni tí ó béèrè yóò sì ti wọkọ̀ láti Gwagwalada. Ẹ fún un ní gbólóhùn tí yóò lò: «Ẹ jọ̀wọ́, ẹ kọ̀wé sí wa lórí Wátsáàpù kí a bá yín yẹ ìsọ̀ wò kí ẹ tó máa bọ̀.»

☐ Ẹ ti kọ wákàtí iṣẹ́ yín, pẹ̀lú àkókò ìrun Jímọ̀ tí ẹ máa ń ti ìsọ̀.

☐ Ẹ kò kọ àṣírí kankan sí i. Iye tí ẹ ra ọjà ní Abẹ́òkúta kò gbọ́dọ̀ sí níbẹ̀, nítorí pé oníbàárà ọlọgbọ́n lè fa ọ̀rọ̀ náà jáde. Ẹ sì ní kí ó má ṣe béèrè nọ́ńbà káàdì báńkì lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Nàìjíríà ti ní Òfin Ààbò Dátà láti ọdún 2023, ìsọ̀ kékeré náà sì ní ojúṣe lábẹ́ rẹ̀.

☐ Ẹ ti ní kí ó jẹ́wọ́ pé ẹ̀rọ ni òun bí ẹnikẹ́ni bá béèrè.

☐ Ẹ ti fi fóònù ara yín dán an wò. Ẹ béèrè aṣọ tí ẹ kì í tà, kí ẹ sì wò ó bóyá yóò sọ pé kò sí.