Ìbéèrè fún Àdínkù Wákàtí Iṣẹ́, 2 Oṣù Kẹta sí 3 Oṣù Keje 2026

9 oṣù Kejì 2026

Sí: Ọ̀gá Ẹ̀ka Ìṣirò Owó
Ẹ̀dà: Ẹ̀ka tó ń bójú tó òṣìṣẹ́

Ẹ̀yin ọ̀gá wa,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ń fi ìwé yìí bẹ̀ yín pé kí ẹ jẹ́ kí n dín wákàtí iṣẹ́ mi kù fún ọ̀sẹ̀ 18. Jẹjẹrẹ ọmú ló ń ṣe ìyá mi, ọ̀dọ̀ mi ni wọ́n sì ń gbé. Ẹ̀ẹ̀mẹfà ni wọn yóò gba oògùn kẹmó, ọjọ́ 21 láàárín ọ̀kan sí èkejì, ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni gbogbo rẹ̀ bọ́ sí: 3 àti 24 oṣù Kẹta, 14 oṣù Kẹrin, 5 àti 26 oṣù Karùn-ún, 16 oṣù Kẹfà. Ìwé dókítà tó fi àwọn ọjọ́ náà hàn wà lẹ́yìn ìwé yìí.

Mi ò tọrọ ìdajì ọjọ́ lójoojúmọ́, nítorí ìtọ́jú yìí kì í wúwo bákan náà lójoojúmọ́. Bó ṣe ń lọ ni mo ṣe to wákàtí mi.

Ní ọ̀sẹ̀ tí wọ́n bá gba oògùn, n kò ní wá ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun àti Ọjọ́rú. N ó ṣiṣẹ́ wákàtí 24. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, n ó máa wọlé ní aago 8 àárọ̀, n ó sì kúrò ní aago 2 ọ̀sán, èyí jẹ́ wákàtí 30. Ọ̀sẹ̀ kejì yìí kọ́ ni wọ́n ti ń gba oògùn, ṣùgbọ́n òun ló léwu jù: láàárín ọjọ́ keje sí ìkẹrìnlá ni sẹ́ẹ̀lì funfun inú ẹ̀jẹ̀ máa ń lọ sílẹ̀ jù, bí ìgbóná ara wọn bá sì dé 38°C, ilé ìwòsàn ni lójú ẹsẹ̀, a kò gbọdọ̀ dúró di ọjọ́ kejì. Àbúrò mi obìnrin ló ń wà pẹ̀lú wọn láàárọ̀, ṣùgbọ́n aago 3 ọ̀sán lòun náà ń wọṣẹ́. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, n ó ṣe wákàtí 40 mi pé.

Lápapọ̀, wákàtí 564 ni n ó ṣe nínú 720. 156 ló dín. Ìsinmi ọdún mi ṣẹ́ ku ọjọ́ 12, ìyẹn wákàtí 96, ẹ jẹ́ kí n lò ó tán síbẹ̀. Ẹ yọ 60 tó kù nínú owó oṣù mi, wákàtí 15 lóṣù kan fún oṣù mẹ́rin, kí ó má baà já lù mí lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Mo bẹ̀ yín kí owó ìfẹ̀yìntì àti ìwé ìlera mi má ṣe dáwọ́ dúró láàárín àkókò náà.

Ní ti iṣẹ́ owó oṣù, ọjọ́ 25 la máa ń fi ránṣẹ́, oṣù Kẹta nìkan ló sì forí gbárí pẹ̀lú ọjọ́ tí n kò ní sí. N ó ti tẹ gbogbo rẹ̀ wọlé kí ó tó di ọjọ́ Ẹtì, 20 oṣù Kẹta, kí ẹ lè fọwọ́ sí i ní ọjọ́ Ajé, 23. Alábàáṣiṣẹ́ mi ti gbà láti dúró fún mi, ṣùgbọ́n ẹni tó bá tẹ iye wọlé kò gbọdọ̀ fọwọ́ sí i fúnra rẹ̀, bó ti wù kí ọwọ́ dí tó. Bí òṣìṣẹ́ kan bá fẹ́ yí nọ́ńbà àkáǹtì rẹ̀ padà lọ́jọ́ tí n kò sí, ẹ jẹ́ kí ó dúró de Ọjọ́bọ̀, kí n lè pè é fúnra mi kí n bi í. Ibi tí jìbìtì ti ń wọlé nìyẹn, lẹ́tà lásán kò tó.

Ọjọ́ lè yẹ̀. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ wà ní ọjọ́ Ajé ṣáájú oògùn kọ̀ọ̀kan, àbúrò mi ló máa mú wọn lọ. Bí ẹ̀jẹ̀ kò bá tó, ilé ìwòsàn yóò sún un síwájú ní ọ̀sẹ̀ kan. N ó sọ fún yín kí ilẹ̀ ọjọ́ Ajé náà tó ṣú, n ó sì wá síbi iṣẹ́ ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun bí ìgbà gbogbo. Nítorí èyí, ẹ fi àyè ọ̀sẹ̀ méjì sílẹ̀ fún mi, títí di 17 oṣù Keje. Bí kò bá sí ìsúnsíwájú, 6 oṣù Keje ni n ó padà sí wákàtí kíkún.

Ẹ jẹ́ kí a jókòó ní 10 oṣù Kẹrin láti wò ó bóyá ètò yìí ń ṣiṣẹ́. Bí ọ̀sẹ̀ kejì bá ṣòro fún yín, mo lè máa fi kọ̀ǹpútà iléeṣẹ́ ṣiṣẹ́ wákàtí méjì tó kù nílé, ṣùgbọ́n ọjọ́ Ìṣẹ́gun àti Ọjọ́rú ti oògùn ni n kò lè fi sílẹ̀.

Mo bẹ̀ yín, kí orúkọ àìsàn náà má kọjá ẹ̀yin àti ẹ̀ka òṣìṣẹ́. Fún àwọn yòókù, ẹ kàn sọ pé mo ń tọ́jú ìyá mi. N ó fẹ́ ìdáhùn lórí ìwé kí ó tó di 20 oṣù Kejì, kí èmi àti àbúrò mi lè pín ọjọ́ láàárín ara wa kí wọ́n tó gba oògùn àkọ́kọ́.

Ẹ ṣeun púpọ̀.

Akọ̀wé Owó Oṣù,
Ẹ̀ka Ìṣirò Owó