Iṣẹ́ Kíláàsì: Ta Ló Da Omi Sábẹ́ Àwo?

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ fi fọ́tò ojú ìwé kan látinú ìwé àwọn ọmọ ránṣẹ́ sí mi. Ẹ ò kọ ohunkóhun mọ́ fọ́tò náà, àmọ́ àwòrán bí omi ṣe ń ti òkun dé ìkùukùu, tó sì ń padà di òjò, ló gba ojú ìwé yẹn. Iṣẹ́ kíláàsì 20 ìṣẹ́jú ni mo fi ṣe. Ìbéèrè tó wà nísàlẹ̀ ojú ìwé náà ti gé kúrò nínú fọ́tò, n ò fi kún un.

Ẹ̀yin fúnra yín ni kẹ́ ẹ da omi gbígbóná sí ìdajì ife onígíláàsì. Ẹ fi àwo dé e, kẹ́ ẹ kó yìnyín tẹ́ ẹ ti fi aró sí lé e lórí. Kí ọmọ kọ̀ọ̀kan kọ ohun tó rò pé a máa bá lábẹ́ àwo.

Lẹ́yìn ìṣẹ́jú 5, ẹ gbé àwo náà sókè, kẹ́ ẹ wo abẹ́ rẹ̀: omi á ti sẹ̀ síbẹ̀ bí ìrì. Àwọn kan á ní yìnyín ló jò. Ẹ má tíì dá wọn lóhùn; ẹ jẹ́ kí wọ́n jiyàn. Tó bá jẹ́ yìnyín ló jò, aró rẹ̀ dà?

Kí wọ́n wá ṣí ìwé: èwo ni òkun nínú ife yìí? Èwo ni ìkùukùu? Kí ló ṣe iṣẹ́ oòrùn?