Àdéhùn Àwọn Onípìn-ín Ilé-iṣẹ́ Kajú, Ògbómọ̀ṣọ́: Abala 9 sí 11

9. Bí ìpinnu bá há
Bí ìpàdé olùdarí méjì léraléra kò bá fẹnu kò lórí yíyá owó tó ju ₦5,000,000 lọ tàbí títa ilẹ̀, ọ̀rọ̀ ti há nìyẹn. Àwọn onípìn-ín yóò jókòó láàárín ọjọ́ 14. Bí kò bá yanjú, kí wọ́n gbé e lọ bá onílàjà tí gbogbo wọn fọwọ́ sí. Alága kò ní ìbò kejì. Rírà kajú àti owó oṣù òṣìṣẹ́ kò gbọdọ̀ dúró.

10. Ẹ̀tọ́ àkọ́rà
Kí ẹnikẹ́ni tó ta ìpín fún ará ìta, kó kọ́kọ́ fi lọ àwọn yòókù, bí òfin ilé-iṣẹ́ ti 2020 ṣe là á kalẹ̀. Ìwé ni yóò fi lọ̀ wọ́n, pẹ̀lú iye owó àti orúkọ ẹni tó fẹ́ rà á. Wọ́n ní ọjọ́ 30. Ọ̀rọ̀ orí Wasáàpù kì í ṣe ìwé.

11. Ìjáde Olùdásílẹ̀ Kẹta (ìdá 15 nínú 100)
(a) Ó lè jáde lẹ́yìn ìkìlọ̀ oṣù mẹ́ta. Ayẹ̀wé-owó-wò tí kì í ṣe ti ilé-iṣẹ́ ni yóò díye lé ìpín rẹ̀. A kò ní yọ kọ́bọ̀ nítorí pé ìpín náà kéré.
(b) Ìdajì owó láàárín ọjọ́ 30, ìyókù láàárín oṣù 12.
(d) Bí ó bá jẹ́ pé olè jíjà ló lé e jáde, iye tó fi ra ìpín ni yóò gbà.
(e) Bí àwọn yòókù bá ń ta tiwọn fún ará ìta, ó lè bá wọn tà ní iye kan náà.
(ẹ) Kò ní fọwọ́ sí ìwé ìtà títí báńkì yóò fi yọ orúkọ rẹ̀ kúrò nínú ìdúró tó ṣe fún gbèsè ilé-iṣẹ́.