Ehoro àti línsì Kánádà: ìdọ́gba Lotka àti Volterra níwájú àkọsílẹ̀ awọ

Iṣẹ́ àṣetiléwá kẹta, ẹ̀kọ́ àbá nípa iye ẹranko, ọdún kẹta, sáà kejì

Ìbéèrè. Lo ìdọ́gba méjì tó so mọ́ra láti ṣàlàyé bí iye ehoro àti iye línsì, ẹranko bí ológbò ńlá tó ń pa ehoro jẹ, ṣe ń gòkè tí wọ́n sì ń sọ̀kalẹ̀. Lo α = 0.55, β = 0.028, γ = 0.80 àti δ = 0.024, kí o fi èsì rẹ wé àkọsílẹ̀ 1900 sí 1920. Gbà pé ségesège inú àkọsílẹ̀ náà tó 0.25 lórí òṣùwọ̀n lọ́gì. Ṣé àkọsílẹ̀ náà ta ko àwòṣe yìí? Bí ó bá ta kò ó, àwòṣe wo ni o máa fi rọ́pò rẹ̀?

Ìdọ́gba náà àti ohun tó wà nínú rẹ̀

Alfred Lotka ló kọ́kọ́ gbé ìdọ́gba yìí jáde. Vito Volterra dé ibẹ̀ lọ́tọ̀ ní 1926, nígbà tó ń wá ìdí tí àwọn ẹja apẹranjẹ fi pọ̀ sí i nínú òkun Adriatic lásìkò Ogun Àgbáyé Kìíní, tí àwọn apẹja kò fi bẹ́ẹ̀ rójú ṣiṣẹ́. Níbí, H ni iye ehoro, L ni iye línsì, ẹgbẹ̀rún awọ la sì fi ń ka méjèèjì.

dH/dt = αH − βHL
dL/dt = δHL − γL

Bí kò bá sí línsì, ehoro á máa bí sí i ní ìwọ̀n α. Bí kò bá sí ehoro, ebi á máa pa línsì kú ní ìwọ̀n γ. HL tó wà nínú ìdọ́gba méjèèjì ló so wọ́n pọ̀: bí àwọn méjèèjì bá ṣe ń pàdé tó ni ehoro ń kú tó, ní ìwọ̀n β, bẹ́ẹ̀ náà ni línsì ń rí oúnjẹ fi bímọ tó, ní ìwọ̀n δ. Ìdọ́gba yìí kò mẹ́nu kan koríko tí ehoro ń jẹ rárá. Ọ̀rọ̀ koríko yẹn á padà wá.

Àyípadà méjèèjì á di òdo níbi tí H = γ/δ = 33.3 àti L = α/β = 19.6. Tí iye méjèèjì bá kúrò níbẹ̀ díẹ̀, wọn á máa yí i po, ìyípo kan á sì gba 2π/√(αγ) = 9.47 ọdún. Tí wọ́n bá jìnnà sí i, ìyípo náà á gùn díẹ̀ sí i. Nǹkan kan sì wà tí kì í yí padà ní gbogbo ìrìn wọn:

V = δH − γ ln H + βL − α ln L

Nítorí V yìí dúró sójú kan, ibi tí a bá ti bẹ̀rẹ̀ la ó padà sí, títí láé. Òun náà ló jẹ́ kí n lè ṣírò ṣóńṣó àti ìsàlẹ̀ láìlo kọ̀ǹpútà. Mo bẹ̀rẹ̀ láti H = 33.9 àti L = 5.9. Lóòótọ́, 30 àti 4 ni wọ́n kọ sílẹ̀ fún 1900, ṣùgbọ́n ọdún àkọ́kọ́ náà ní ségesège tirẹ̀ bíi ti àwọn yòókù, ibi tí gbogbo ọdún 21 náà sì jọ tọ́ka sí ni mo tẹ̀ lé. Láti ibẹ̀, ehoro ń rìn láàárín 13 àti 69, línsì láàárín 6 àti 46. Kọ̀ǹpútà ni mo fi ṣírò àwọn nọ́ńbà tí mo fi ya gíráàfù rẹ̀:

```python
from scipy.integrate import solve_ivp
a, b, g, d = 0.55, 0.028, 0.80, 0.024
def f(t, z):
    H, L = z
    return [a*H - b*H*L, d*H*L - g*L]
s = solve_ivp(f, (0, 20), [33.9, 5.9], max_step=0.01)
```

Irú àkọsílẹ̀ wo nìyí?

Kò sẹ́ni tó wọ igbó lọ ka ehoro. Awọ tí àwọn tó ń fi pàkúté mú ẹran tà fún ilé-iṣẹ́ Hudson's Bay ni a ń kà. Nítorí náà, iye tó wà nínú ìwé ń yí padà tí awọ bá gbówó lórí, tí òtútù bá di ọ̀nà, tí ọdẹ bá dín kù tàbí tí ó pọ̀ sí i. Ìdí nìyí tí mo fi fọwọ́ gidi mú 0.25 yẹn. Lórí òṣùwọ̀n lọ́gì, ó túmọ̀ sí pé ó wọ́pọ̀ kí nọ́ńbà kan fi nǹkan bí ìdá mẹ́rin ga ju òótọ́ lọ, tàbí kí ó fi bẹ́ẹ̀ kéré sí i. Ẹni tó bá gbàgbé èyí á rí ìtàn nínú gbogbo gegele kékeré tó wà lórí gíráàfù.

Ibi tí wọ́n ti bára mu

Ìpíndọ́gba ehoro fún ọdún 21 náà jẹ́ 34.1, ti línsì jẹ́ 20.2. Àwòṣe ní 33.3 àti 19.6. Kì í ṣe èèṣì: láàárín ìyípo kan tó pé, ln H padà sí ibi tó ti bẹ̀rẹ̀, nítorí náà ìpíndọ́gba α − βL gbọ́dọ̀ jẹ́ òdo. Àkọsílẹ̀ wa sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ìyípo méjì gbáko, láti 30 àti 4 ní 1900 sí 24.7 àti 8.6 ní 1920. Ṣùgbọ́n n kò ní pe èyí ní ẹ̀rí tó lágbára, torí pé ara dátà yìí kan náà ni nọ́ńbà mẹ́rin inú ìbéèrè ti bá mu.

Ehoro dé ṣóńṣó ní 1903 (77.4), línsì ní 1904 (59.4). Ehoro tún dé ṣóńṣó ní 1913 (76.6), línsì ní 1915 (51.1). Apẹranjẹ ń tẹ̀ lé ohun tó ń jẹ, bí àwòṣe ṣe wí. Àmọ́ ṣóńṣó inú ìwé ga ju 69 àti 46 lọ, ehoro sì já wálẹ̀ dé 7.6 ní 1917, nígbà tí àwòṣe kò jẹ́ kó lọ sísàlẹ̀ ju 13 lọ.

Ìsàlẹ̀ méjì tí ọ̀rọ̀ wọn kò dọ́gba

Ibí yìí ni mo pẹ́ sí jù. Láti 1907 sí 1910 línsì ti ṣọ̀wọ́n, síbẹ̀ ehoro kò gbérí: 21.4, 22, 25.4, 27.1. Ó rọrùn láti sọ lójú ẹsẹ̀ pé àwòṣe ti kùnà. Mo fẹ́ wọ̀n ọ́n kí n tó sọ bẹ́ẹ̀. Ìdọ́gba àkọ́kọ́ sọ pé ìyàtọ̀ ln H láàárín ọdún méjì jẹ́ α dín β lọ́nà ìpíndọ́gba L, mo sì fi ìdajì àpapọ̀ L ọdún méjèèjì dúró fún ìpíndọ́gba náà.

| Ìgbà | Àwòṣe: ìlọ́po ehoro | Àkọsílẹ̀: ìlọ́po ehoro |
|---|---|---|
| 1907–1910 | 2.40 | 1.27 |
| 1917–1920 | 2.13 | 3.25 |

Ìsàlẹ̀ àkọ́kọ́ lọ́ra ju bí àwòṣe ṣe fẹ́ lọ, èkejì sì yára jù ú lọ. Lórí lọ́gì, àlàfo àkọ́kọ́ jẹ́ −0.64, èkejì +0.42. Ségesège ọdún méjì tó wà ní ìkángun kọ̀ọ̀kan, tí a bá pa pọ̀, jẹ́ 0.25 × √2 = 0.35. Àlàfo àkọ́kọ́ kò tó ìlọ́po méjì rẹ̀, èkejì ju ẹyọ kan rẹ̀ lọ díẹ̀. Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ wa máa fi 1907 sí 1910 ṣe ẹ̀rí ńlá, nítorí ojú lè rí i lórí gíráàfù. Ní tèmi, ẹ̀rí tí ìsàlẹ̀ kejì bá ta kò báyìí kò tíì tó láti dá àwòṣe lẹ́bi. Ọdún 21 péré kò lè sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹ jẹ́ kí a wo ọdún 114

Nítorí náà mo lọ bá àkọsílẹ̀ tó gùn jù: awọ línsì agbègbè odò Mackenzie, 1821 sí 1934, tí Elton àti Nicholson kó jọ ní 1942. Línsì nìkan ló wà níbẹ̀, kò sí ehoro. Àwọn ọdún tó dé ṣóńṣó ni 1828, 1838, 1848, 1857, 1866, 1875, 1885, 1895, 1904, lẹ́yìn náà ṣóńṣó olórí méjì ní 1913 àti 1916, kí ó tó kan 1925. Ìyípo mẹ́wàá ní ọdún 97, ìyẹn 9.7 ọdún fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Àwòṣe wí pé 9.47 tàbí kí ó jù ú lọ díẹ̀. Inú mi dùn gan-an nígbà tí mo rí i.

Ẹ wo gíga wọn wàyí: 6721 ní 1866, 2251 ní 1875, 6991 ní 1904. Ségesège 0.25 kò lè sọ 6721 di 2251; àlàfo lọ́gì wọn jẹ́ 1.09, ó ju ìlọ́po mẹ́ta 0.35 lọ. Nǹkan kan ń ti àwọn ẹranko náà fúnra wọn, kì í ṣe ìwé nìkan. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, V kò dúró sójú kan mọ́. Nínú àwòṣe Lotka àti Volterra, kò sí ohun tó ń fa ìrìn náà padà sípò: òtútù burúkú kan tó bá gbé wọn kúrò lórí òrùka kan, orí òrùka tuntun ni wọn yóò máa gbé lọ. Bí irú ìtìpá bẹ́ẹ̀ bá ń ṣẹlẹ̀ lọ́dọọdún fún ọdún 114, ìlọsókè-sódò náà yóò máa fẹ̀ sí i títí tí ọ̀kan nínú wọn yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ run. Ohun tó wà nínú ìwé yàtọ̀. Lẹ́yìn ṣóńṣó kúkúrú 1875, ó tún ga dé 4431 ní 1885. Lẹ́yìn 6991 ti 1904, kò tún ga tó bẹ́ẹ̀ mọ́, ṣùgbọ́n ọdún mẹ́sàn-án sí mẹ́wàá náà ni ọ̀pọ̀ ìyípo ń gbà.

Ìdáhùn mi nìyí: àkọsílẹ̀ 1900 sí 1920 kò ta ko àwòṣe yìí. Ti Mackenzie ló ta kò ó, ohun tó sì ta kò ni òrùka tí kò ní olùfàpadà. Àsopọ̀ tó wà láàárín ẹranko méjèèjì kò ní ẹ̀sùn kankan nínú rẹ̀.

Àwòṣe tí mo máa fi rọ́pò

Ti Rosenzweig àti MacArthur, 1963:

dH/dt = rH(1 − H/K) − aHL/(1 + ahH)
dL/dt = eaHL/(1 + ahH) − mL

r ni ìwọ̀n tí ehoro fi ń bí sí i, K ni ibi tí oúnjẹ ehoro ti tán, a ni ìwọ̀n tí línsì fi ń rí ehoro mú, h ni àkókò tí línsì ń lò lórí ehoro kọ̀ọ̀kan tó bá pa, e ni bí ehoro tí línsì jẹ ṣe ń di ọmọ línsì tó, m sì ni ìwọ̀n tí línsì fi ń kú. Bí K bá tóbi tó, ìyípo kan ṣoṣo ni gbogbo ìrìn ń padà sí, ibi yòówù kí ìtìpá gbé wọn lọ. Koríko ti padà dé nìyẹn, ẹ̀rí rẹ̀ sì wá láti inú igbó gan-an. Ní Kluane, ní Yukon, Krebs àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi oúnjẹ kún ti ehoro níbì kan, wọ́n fi ọgbà dí apẹranjẹ níbòmíràn, wọ́n sì ṣe méjèèjì pọ̀ níbì kẹta. Èsì tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1995 ni pé dídí apẹranjẹ sọ iye ehoro di ìlọ́po méjì, oúnjẹ sọ ọ́ di ìlọ́po mẹ́ta, méjèèjì pọ̀ sọ ọ́ di ìlọ́po mọ́kànlá. Bí oúnjẹ àti apẹranjẹ bá ń ṣiṣẹ́ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ìlọ́po mẹ́fà ni a bá retí.

Àyẹ̀wò tí ó kù ni kí a fi ìtìpá ọdọọdún kan náà sínú àwòṣe méjèèjì fún ọdún 114, ní ọ̀pọ̀ ìgbà, kí a sì ka iye ìgbà tí ìfẹ̀sí ṣóńṣó línsì ọdún 50 tó kẹ́yìn ju ti ọdún 50 àkọ́kọ́ lọ. Bí àlàyé mi bá tọ̀nà, ti Lotka àti Volterra á máa fẹ̀ sí i lọ́pọ̀ ìgbà, ti Rosenzweig àti MacArthur kò ní yàtọ̀ sí ìdajì ìdajì.