Ìwé Àkíyèsí lórí Aṣọ àti Ìwà fún Alẹ́ Ìdánilọ́lá Wa

Ẹ̀yin àlejò wa pàtàkì,

Ẹ kú ìmúra. Sátidé, ọjọ́ 12 oṣù Kejìlá, 2026, ni a ó pàdé ní Gbọ̀ngàn Àṣà Júùnù 12, ní Kútọ̀, Abẹ́òkúta. Ilẹ̀kùn gbọ̀ngàn yóò ṣí ní agogo 5 ìrọ̀lẹ́, ètò yóò sì bẹ̀rẹ̀ ní agogo 6. Àwọn tí a fẹ́ dá lọ́lá wá láti ọ́fíìsì, wọ́n sì wá láti ìdí ìkòkò aró. Òṣìṣẹ́ báńkì láti Òke-Ìlewó yóò jókòó ti ìyá aláró láti Kẹ́mta. Nítorí náà ni a ṣe ní kí aṣọ ìbílẹ̀ àti aṣọ ọ́fíìsì jọ wọlé, kí ọ̀kan má sì ga ju èkejì lọ.

Ọ̀rọ̀ yìí ń dùn mí lọ́kàn. Níbi irú ètò bẹ́ẹ̀ kan tí mo lọ lọ́dún tó kọjá, ẹ̀ṣọ́ dá ìyá kan dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ní ìró àti bùbá àdìrẹ kì í ṣe aṣọ irú ibẹ̀. Ìyá náà wà lára àwọn tí wọ́n fẹ́ fún ní àmì-ẹ̀yẹ! Ìta ló wà títí wọ́n fi pe orúkọ rẹ̀. A ti kìlọ̀ fún àwọn tí yóò dúró lẹ́nu ọ̀nà wa: irú rẹ̀ kò gbọdọ̀ ṣẹlẹ̀.

Ọkùnrin lè wọ agbádá, tàbí bùbá àti ṣòkòtò pẹ̀lú fìlà, tàbí kóòtù òun ṣòkòtò rẹ̀. Obìnrin lè wọ ìró àti bùbá, tàbí kóòtù àti síkẹ́ẹ̀tì, tàbí gáùn tó kọjá orúnkún. Ẹ mú ọ̀nà kan ṣá. Agbádá lórí ṣẹ́ẹ̀tì àti táì kò bójú mu, kóòtù lórí ìró náà kò bójú mu. A kò fẹ́ jíńsì àti sílípáàsì rárá. Ìlẹ̀kẹ̀ iyùn ńláńlá lọ́rùn ọkùnrin àti ìrùkẹ̀rẹ̀ lọ́wọ́, ẹ jẹ́ ká fi í sílẹ̀ fún àwọn olóyè.

Ohun tí gbogbo wa yóò jọ ní ni àdìrẹ. Ẹni tó wọ kóòtù lè fi ṣe táì, tàbí kó ká ekírí rẹ̀ sí àpò àyà. Obìnrin lè fi ṣe gèlè tàbí ìborùn. Ẹ jọ̀ọ́, kó jẹ́ èyí tí ọwọ́ ènìyàn ṣe: oníko tí wọ́n fi ìko dì, tàbí ẹlẹ́kọ tí wọ́n fi ìyẹ́ adìyẹ ya. Ọjà àdìrẹ Ìtòkú wà nítòsí. Kí ẹ tó sanwó, ẹ yí ẹ̀yìn aṣọ náà wò. Aró máa ń mu dé ẹ̀yìn, ṣùgbọ́n èyí tí ẹ̀rọ tẹ̀, lọ́pọ̀ ìgbà ẹ̀yìn rẹ̀ a máa ṣá ni. Báwo la ṣe fẹ́ wọ ayédèrú níwájú ẹni tí aró ti kun èékánná rẹ̀ láti kékeré? Àdìrẹ elú tuntun máa ń yọ àwọ̀ o. Ẹ kọ́kọ́ fi omi tútù ṣàn án, kí ẹ sá a síbi òjìji, kó má baà ba ṣẹ́ẹ̀tì funfun yín jẹ́.

Ẹ̀yin ìyá àti àǹtí wa, ẹ jẹ́ kí gèlè mọ níwọ̀n, nítorí ẹni tó wà lẹ́yìn yín fẹ́ rí ọmọ rẹ̀ lórí ìtàgé. Ẹ̀yin alágbádá, ẹ ká apá rẹ̀ sókè dáadáa kí ẹ tó gun àtẹ̀gùn.

Ní ti ìkíni, àgbà ló ń kọ́kọ́ na ọwọ́ sí ọmọdé. Kóòtù kò gba ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ ìkíni: bí ẹ kò bá lè dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ, ẹ tẹrí ba, kí ẹ fi ọwọ́ kan ilẹ̀. Lórí ìtàgé, ìtẹríba tàbí ìkúnlẹ̀ díẹ̀ ti tó, kí ètò má fà. Ọwọ́ méjèèjì ni ká fi gba àmì-ẹ̀yẹ. Bí ọba bá wọlé, ká dìde, kí ọkùnrin sì ṣí fìlà.

Ẹ má ṣe ná owó fún ẹnikẹ́ni lórí ìtàgé. Òfin Báńkì Àpapọ̀ ti ọdún 2007 ka nínáwó lé ènìyàn lórí sí ẹ̀ṣẹ̀. Ìjìyà rẹ̀ kò dín ní ẹ̀wọ̀n oṣù 6, tàbí owó ìtanràn ₦50,000, tàbí méjèèjì. Ẹ fi ẹ̀bùn yín sínú àpòòwé, àpótí kan wà lẹ́bàá ilẹ̀kùn. Ẹ pa ohùn fóònù mọ́lẹ̀, ayàwòrán wà fún gbogbo wa.

Láti agogo 4 ni ẹni tó ń wé gèlè yóò ti wà ní yàrá ọwọ́ ọ̀tún, pẹ̀lú abẹ́rẹ́, okùn àti pínìnì. Ekírí àdìrẹ wà níbẹ̀ pẹ̀lú fún ẹni tí kò bá rí rà. Ẹ kàn wọlé, ẹ sọ pé ẹ fẹ́.

Èmi ni tiyín,
Alága, Ìgbìmọ̀ Ìgbàlejò